Ṣíbí Kafé Ni, Kì í Ṣe Ṣíbí Ọbẹ̀

Kí ẹ tó ka ohun mìíràn lójú ewé yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí ná.

Omi iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò fún ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, báyìí ni a ṣe ń pò ó: lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí kafé ṣúgà mẹ́fà, àti ìdajì ṣíbí kafé iyọ̀. Ṣíbí kafé ni ṣíbí kékeré tí a fi ń ro tíì tàbí kafé nínú ife. Ojú ṣíbí náà gbọ́dọ̀ tẹ́jú. Kò gbọdọ̀ ga bí òkìtì.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, lójú ewé yìí kan náà, mo kọ ọ́ pé ṣíbí ọbẹ̀ ni kí ẹ fi wọn iyọ̀ àti ṣúgà náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ṣì í kọ, kì í ṣe ẹni tó tẹ ìwé, kì í sì í ṣe ẹ̀yin tí ẹ kà á. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín.

Bí ẹ bá ti gé ewé ọjọ́ náà tí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹ yọ ọ́ kúrò lónìí. Bí omi tí ẹ fi ṣíbí ọbẹ̀ pò bá ṣẹ́ kù nínú ìgò, ẹ dà á nù. Bí ọmọ kan bá ti mu nínú rẹ̀, tí ara rẹ̀ sì ti yá, tí ó ń ṣeré, tí ó ń jẹun, kò sí ohun mìíràn tí ẹ ní láti ṣe. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá ń mu ún lọ́wọ́, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tí kò lè fara balẹ̀, tàbí tí oorun ń gbé e lọ ṣáá, tàbí tí gìrì bá mú un, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn pé omi tó ní iyọ̀ púpọ̀ ni ó mu. Ẹ má ṣe fi ìyẹn pamọ́. Bí ó bá ń mu ọmú, kí ìyá rẹ̀ máa fún un lọ́mú.

Ohun tó kàn ọ́n jù lọ ni mo kọ́kọ́ sọ yẹn. Ní báyìí, mo fẹ́ sọ bí àṣìṣe náà ṣe wáyé, ohun tó lè dá sílẹ̀, àti ìdí tí mo fi yàn láti kọ ọ́ gbangba báyìí, nítorí pé kì í ṣe gbogbo àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n fara mọ́ ọn.

Ìwé pélébé kan tí a kọ ní èdè Faransé ni mo ti ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ní ojú kìíní ìwé náà, wọ́n kọ bí a ṣe ń se ẹ̀kọ tí a fi ẹ̀pà lílọ̀ sí fún ọmọ tó ń rù. Ṣíbí ọbẹ̀ ni wọ́n fi wọn gbogbo èròjà ibẹ̀. Ní ojú kejì ni omi iyọ̀ àti ṣúgà wà, ṣíbí kafé ni wọ́n sì fi wọ̀n ọ́n. Alẹ́ ni mo ń kọ̀wé náà. Lẹ́yìn tí mo ti kọ “ṣíbí ọbẹ̀” lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún fún ẹ̀kọ, ọwọ́ mi kọ ọ́ fún omi náà pẹ̀lú. Nígbà tí mo tún un kà, ohun tí mo rò pé mo kọ ni mo ń rí. Báyìí ni ojú ẹni tó kọ̀wé ṣe ń tan án jẹ, ìdí sì nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹni tó kọ ìwọ̀n oògùn jẹ́ òun nìkan ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. N kò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ohun tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn yí padà. Ṣíbí ọbẹ̀ kan gba ohun tí ṣíbí kafé mẹ́ta gbà. Nítorí náà, ẹni tó bá fi ìdajì ṣíbí ọbẹ̀ bu iyọ̀ ti bu ṣíbí kafé kan àti ààbọ̀, nígbà tí ó yẹ kí ó bu ìdajì péré. Ìlọ́po mẹ́ta iyọ̀ ni ó fún ọmọ náà. Ìlọ́po mẹ́ta ṣúgà ni pẹ̀lú.

Kí ni iyọ̀ púpọ̀ ń ṣe nínú ara ọmọ? Ẹ wo ẹja tí a fi iyọ̀ rà kí ó tó gbẹ. Omi inú ẹja náà ń jáde wá bá iyọ̀, ẹran ara rẹ̀ sì ń sún kì. Bákan náà ni nígbà tí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀: ó ń fa omi jáde láti inú gbogbo ẹran ara, àní láti inú ọpọlọ pàápàá. Ìdí nìyí tí òùngbẹ fi ń gbẹ ọmọ náà gan-an, tí ó fi ń kanra, tí gìrì sì lè mú un níkẹyìn. Ṣúgà tó pọ̀ jù ní tirẹ̀ ń jókòó sínú ìfun, ó sì ń fa omi ara wá síbẹ̀, ìgbẹ́ náà á wá máa pọ̀ sí i. Ẹ ò rí i pé ohun tí a fẹ́ fi dá omi padà sínú ara ọmọ ni yóò máa gba omi kúrò lára rẹ̀. Àṣìṣe náà kò kéré, n kò sì gbọdọ̀ pè é ní kékeré.

Ìyá kan nínú kíláàsì wa ní agbègbè Kétu ni ó rí i. Ìyá ọlọ́mọ ọmọ ni, gààrí ni ó ń tà, ọdún tó kọjá ni ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ìrọ̀lẹ́ ni a ń ṣe kíláàsì náà. Ó gbé ife kan wá, ó gbé e síwájú mi, ó ní: “Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ ọ wò.”

Mo tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ni ó gba ẹnu mi kan.

Mo ní: “Ìyá, ta ló po irú èyí?”

Ó ní: “Ẹ̀yin lẹ pò ó. Ohun tí ẹ kọ sínú ìwé ni mo ṣe.”

Ó fa ewé náà yọ nínú ìwé àjákọ rẹ̀. Ó fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ náà, ó kà á sókè, sílébù kan tẹ̀ lé èkejì, bí mo ṣe kọ́ ọ: ṣí-bí ọ-bẹ̀. Ó ní nọ́ọ̀sì kan ti sọ fún òun tipẹ́ pé iyọ̀ inú omi náà kò gbọdọ̀ ju ti omijé lọ. Kí òun tó fún ọmọ ọmọ òun mu ni òun tọ́ ọ wò, òun sì rí i pé ó ju omijé lọ fíìfíì. Ó da ìyókù nù, ó sì bu ife kan pamọ́ fún mi.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níhìn-ín. Ẹ fi ọ̀nà ìdánwò tirẹ̀ yẹn sọ́kàn: ẹ máa tọ́ omi náà wò nígbà gbogbo kí ẹ tó fún ọmọ. Bí iyọ̀ rẹ̀ bá ju omijé lọ, ẹ dà á nù, kí ẹ tún òmíràn pò, ohun yòówù tí ìwé ìbáà wí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo sọ fún àwọn tí a jọ ń ṣètò ojú ewé yìí pé mo ti ṣe àṣìṣe. Ẹnì kan nínú wọn, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún, tí ó sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí jù mí lọ, ní kí a má ṣe pariwo. Ó ní àwọn òǹkàwé wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ìwé ni. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ohun tí a tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn lè má tọ̀nà, wọn yóò ju ìwé nù, wọn yóò padà sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó ní kí a tún kọ ọ̀rọ̀ omi náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ bí ẹni pé tuntun ni, kí a fi ṣíbí kafé sí i, kí a má sì mẹ́nu kan èyí tó ti kọjá.

Mo rò ó dáadáa, nítorí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ òpè. Ṣùgbọ́n mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, lẹ́yìn tí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni yóò wà nínú ilé òǹkàwé wa? Ìwé méjì ni. Ọ̀kan wí pé ṣíbí ọbẹ̀, èkejì wí pé ṣíbí kafé. Ìwé ìròyìn kan náà ni, ojú ewé kan náà, orúkọ mi ni ó wà lábẹ́ méjèèjì. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ya ìgbẹ́ ní òru yóò gbé àtùpà, yóò wo ògiri. Èwo ni yóò tẹ̀ lé? Kò sí ohun tí yóò sọ fún un pé ọ̀kan ti kú. Ó tiẹ̀ lè gbà pé méjèèjì tọ̀nà, pé ọ̀kan wà fún ọmọ kékeré, èkejì fún ọmọ ńlá. Àtúnṣe tí kò bá sọ ohun tí ó ń tún ṣe kò ì tíì tún nǹkan kan ṣe.

Ẹlòmíràn mú àbá kejì wá. Ó ní kí a pe àkọlé rẹ̀ ní “Àlàyé díẹ̀ síwájú sí i,” kí a sì kọ ọ́ pé àwọn òǹkàwé kan béèrè irú ṣíbí tí a ní lọ́kàn. Àwọn ìwé ìròyìn elédè Faransé mọ ọgbọ́n yìí dáadáa. Ọ̀rọ̀ tó rọra ni wọ́n fi ń bo àṣìṣe tó le. Ṣùgbọ́n irọ́ ni. Kò sí òǹkàwé tó béèrè. Ọ̀rọ̀ mi kò fara sin, ó hàn gbangba, ó sì jẹ́ àṣìṣe. Ẹni tó bá rí “àlàyé díẹ̀” yóò rò pé òun ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, yóò sì fò ó kọjá. Ẹni tó bá rí “ṣíbí kafé ni, kì í ṣe ṣíbí ọbẹ̀” yóò dìde lọ wo ògiri rẹ̀.

Àṣà yìí kì í ṣe tuntun nínú iṣẹ́ ìròyìn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1971, àwọn akọ̀ròyìn láti orílẹ̀-èdè mélòó kan ní Yúróòpù fẹnu kò sí ìwé kan ní ìlú Múníìkì ní Jámánì nípa ojúṣe àti ẹ̀tọ́ akọ̀ròyìn. Ojúṣe kẹfà nínú rẹ̀ ni pé kí akọ̀ròyìn tún ìròyìn yòówù tí ó ti gbé jáde ṣe nígbà tí ó bá hàn pé kò tọ̀nà. Wọn kò sọ pé àyàfi bí òǹkàwé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ìwé.

Àwọn ìwé ìròyìn ńláńlá pàápàá ń ṣe é, nígbà mìíràn lẹ́yìn tí ó ti pẹ́ jù. Ní oṣù kìíní ọdún 1920, ìwé ìròyìn Níú Yọ́ọ̀kì Táìmùsì ní Amẹ́ríkà fi onímọ̀ kan ṣe yẹ̀yẹ́, Rọ́bátì Gọ́dáàdì, ẹni tó wí pé rọ́kẹ́ẹ̀tì lè rìn ní òfurufú jíjìnnà níbi tí kò sí afẹ́fẹ́. Wọ́n ní kò lè ṣeé ṣe, pé kò mọ ohun tí àwọn ọmọ ilé ìwé mọ̀. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù keje ọdún 1969, nígbà tí àwọn ènìyàn ti wà lójú ọ̀nà òṣùpá nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì, ìwé ìròyìn náà kọ ọ́ pé rọ́kẹ́ẹ̀tì lè rìn níbi tí kò sí afẹ́fẹ́, àti pé àwọn kábàámọ̀ àṣìṣe àwọn. Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ti kọjá. Gọ́dáàdì ti kú láti ọdún 1945. Àtúnṣe náà dára, ṣùgbọ́n kò bá ẹni tí ó kàn láyé. Ní tiwa, ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn lè ya ìgbẹ́ lálẹ́ òní.

Àmọ́ kí a yára kò túmọ̀ sí pé kí a kánjú. Ohun tó burú ju àṣìṣe lọ ni àtúnṣe tí òun náà ní àṣìṣe nínú. Ẹni tó bá tún ọ̀rọ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mejì lórí ohun kan ṣoṣo, ẹnu rẹ̀ kò ní wúwo mọ́ nígbà kẹta. Nítorí náà, lọ́jọ́ kan náà, mo ní kí àwọn olùkọ́ kíláàsì wa lọ sọ fún àwọn ènìyàn lẹ́nu pé kí wọ́n dá omi náà dúró ná, kí wọ́n sì gba iyẹ̀fun oògùn inú àpò kékeré ní ilé ìwòsàn, èyí tí wọ́n kọ SRO sí lára. Lẹ́yìn náà ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí tí ẹ ń kà yìí.

Mo mú ohun tí mo kọ tọ nọ́ọ̀sì kan lọ. N kò ní kí ó kà á kí ó sì ní ó dára. Ohun tí mo bẹ̀ ẹ́ ni kí a jọ pò ó. A gbé ìwé pélébé ìjelòó sórí tábìlì, a gbé ṣíbí méjèèjì, a gbé iyọ̀, a gbé ṣúgà. Níbẹ̀ ni a ti rí àṣìṣe kejì tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí. Mo ti kọ “ìgò omi ńlá kan” dípò “lítà kan.” Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgò omi ńlá tí a ń rà lọ́jà wa, lítà kan àti ààbọ̀ ni wọ́n gbà. Ẹni tó bá fi ṣíbí tó tọ̀nà bu iyọ̀ àti ṣúgà sínú irú ìgò bẹ́ẹ̀, omi rẹ̀ yóò ṣàn jù, kò sì ní ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ wo ara ìgò yín: iye lítà rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 1,5 ni wọ́n kọ, ẹ má ṣe kún un. Ẹ fi ìgò lítà kan wọn omi náà.

Lẹ́yìn èyí, mo fún méjì nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní àtúnṣe náà, mo ní kí wọ́n kà á, kí wọ́n sì po omi náà níṣojú mi. Mo pinnu pé n kò ní sọ̀rọ̀. Ẹni kìíní pò ó dáadáa. Ẹnì kejì mú ṣíbí kafé, ṣùgbọ́n ó bu ṣúgà rẹ̀ ní òkìtì, bí a ti ń bù ú sínú ẹ̀kọ. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Mo ti kọ “ṣíbí kafé mẹ́fà,” mo sì dákẹ́. Òkìtì ṣíbí kan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ṣíbí méjì. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí i lókè níbẹ̀ pé ojú ṣíbí gbọ́dọ̀ tẹ́jú. Bí a ṣe ń ṣe é ni pé kí a fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá orí rẹ̀ kúrò. Fún ìdajì ṣíbí iyọ̀, ẹ kọ́kọ́ bu ṣíbí kan kún, ẹ gbá a kí ó tẹ́jú, kí ẹ wá fi ọ̀bẹ pín in sí méjì, kí ẹ da apá kan padà sínú ìkòkò iyọ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n kà á tán, mo bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta. Kí ni mo ṣì kọ? Kí ni ó tọ̀nà? Kí ni kí ẹ ṣe nísinsìnyí? Ẹni tó bá ka àtúnṣe tí kò sì lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tó kọ ọ́ ni kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Nínú ohun tí mo kọ́kọ́ kọ, wọ́n dáhùn méjì, wọn kò lè dáhùn ẹ̀kẹta. Mo ti tọrọ àforíjì ní ìlà mẹ́jọ, n kò sì sọ ohun tí kí wọ́n ṣe sí omi tó wà nínú ìgò. Mo gé ẹ̀bẹ̀ náà kù sí ìlà kan, mo sì fi àyè rẹ̀ sọ̀rọ̀ ọmọ tó ti mu omi náà. Ẹ̀bẹ̀ gígùn a máa mú kí òǹkàwé bẹ̀rẹ̀ sí í tu òǹkọ̀wé nínú, bẹ́ẹ̀ òǹkàwé ni ọ̀rọ̀ kàn.

Ohun kan wà tí mo ń ṣọ́ra fún nígbà tí mo ń kọ ọ́. Bí a bá ń tún àṣìṣe sọ léraléra, òun náà ni yóò dúró sí orí òǹkàwé. Lẹ́yìn oṣù kan, yóò rántí pé òun ka nǹkan nípa ṣíbí ọbẹ̀, kò sì ní rántí pé àṣìṣe ni. Nítorí náà ni mo fi sọ èyí tó tọ̀nà ṣáájú. Nínú àpótí kékeré tí ẹ ó gé lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹ kò ní rí ṣíbí ọbẹ̀ rárá. Ṣíbí kafé nìkan ni ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí a tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ọjọ́ náà mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ti àtijọ́.

Kì í ṣe gbogbo àṣìṣe ni ó tó irú èyí. Bí mo bá ṣi àmì ohùn fi, tàbí tí mo kọ orúkọ ọjà kan ní ọ̀nà tí àwọn ará ibẹ̀ kì í gbà kọ ọ́, ìlà kan nísàlẹ̀ ojú ewé ti tó. Ohun tí mo fi ń wọ̀n ọ́n ni ohun tí òǹkàwé yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe lórí ọ̀rọ̀ náà. Bí ó bá jẹ́ ohun tí yóò mu, tí yóò jẹ, tí yóò fọ́n sí oko, tàbí tí yóò san owó lé lórí, àtúnṣe rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbi tí àṣìṣe náà ti wà, kí ó sì tóbi tó o. Òkè ojú ewé ni omi náà wà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Òkè ojú ewé ni ó wà lónìí.

Ǹjẹ́ ìgbẹ́kẹ̀lé yín kò dín kù? N kò ní parọ́: ó dín kù díẹ̀ nínú kíláàsì tí mo ti kọ́kọ́ sọ ọ́. Bàbá àgbà kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ gbé ọwọ́ sókè, ó ní: “Tísà, èyí tí ẹ kọ nípa oògùn ẹ̀wà ńkọ́? Ṣé kò sí ṣíbí ọbẹ̀ nínú ìyẹn náà?” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé ìbéèrè tó yẹ gan-an ni. Ẹ̀kọ́ méjì mìíràn ni mo ti kọ lójú ewé yìí tí ìwọ̀n wà nínú wọn. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo kó àwọn ìwé tí mo ti túmọ̀ wọn wá sí kíláàsì. Àwọn tó gbọ́ Faransé díẹ̀ ka ti Faransé, àwọn yòókù ka ti Yorùbá, a ń fi ìwọ̀n kan wé èkejì títí a fi dé ìparí. Wọ́n bára mu. Láti ìgbà náà, bí mo bá mú ọ̀rọ̀ tuntun wá, bàbá náà ni ó máa ń kọ́kọ́ béèrè pé, “Níbo lẹ ti rí i?” Arákùnrin tó ní kí n dákẹ́ pe èyí ní ìpàdánù. Ní tèmi, ẹni tó ń béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ti di òǹkàwé ju ẹni tó kàn ń gba gbogbo ohun tí a tẹ̀ gbọ́ lọ.

Mo mọ̀ pé ìwé yìí kò ní dé ọwọ́ gbogbo ẹni tí ti ìṣáájú dé. Ẹlòmíràn ra tọ̀hún ní ọjọ́ ọjà, kò sì ní ra tòní. Ẹlòmíràn gbọ́ ọ lẹ́nu aládùúgbò rẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀ pé inú ìwé ìròyìn ni ó ti wá. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá ti sọ ọ̀rọ̀ omi náà fún ẹnikẹ́ni, ẹ padà lọ bá a. Àwọn olùkọ́ wa yóò ka àtúnṣe yìí sókè ní gbogbo kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ méjì. A ó sì tún tẹ àpótí kékeré náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ àti lọ́sẹ̀ kejì, ní òkè ojú ewé yìí.

Ọ̀rọ̀ omi náà fúnra rẹ̀ ni ó kù. Bí ẹ bá lè rí àpò SRO, òun ni kí ẹ lò, nítorí pé ó ní èròjà tí iyọ̀ àti ṣúgà ilé kò ní. Ẹ da gbogbo iyẹ̀fun inú àpò kan sínú iye omi tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Lítà kan ni ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Omi tí a pò nílé wà fún ìgbà tí àpò kò bá sí nítòsí. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ẹ fún un ní ìdámẹ́rin sí ìdajì ife ńlá lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá yàgbẹ́, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ṣíbí. Ọmọ tó ju bẹ́ẹ̀ lọ lè mu ìdajì ife sí ife kan. Bí ó bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Omi tí ẹ pò lónìí, ẹ má ṣe fún un títí di ọ̀túnla. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rìnlélógún, ẹ dà á nù. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, bí ojú ọmọ bá jìn sínú, bí kò bá lè mu nǹkan, tàbí tí ara rẹ̀ rọ jọ̀bọ̀tọ̀, ẹ má ṣe dúró ti omi ilé. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Ìyá tó gbé ife wá fún mi ṣì ní ewé àtijọ́ náà lọ́wọ́. Mo ní kí ó jẹ́ kí n gbà á dà nù, ó kọ̀. Ó fi bíírò fa ìlà lé ọ̀rọ̀ náà, ó sì kọ “kafé” sókè rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, lẹ́tà ńlá ńlá mẹ́rin.